Ìwé àdéhùn pípa àṣírí mọ́: báwo lẹ ṣe ń túmọ̀ ohun tó jẹ́ àṣírí àti iye ọdún tó fi máa wà bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wéKékeré

Ẹ̀yin àgbà ògbufọ̀, mo kí yín o. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ìwé àdéhùn pípa àṣírí mọ́ ni, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní én-dí-éè, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà wọn han àwọn tí yóò máa bá wọn ṣe é, àwọn yẹn sì ní àwọn fẹ́ kà á ní Yorùbá kí àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni, mo sì ti parí rẹ̀, àmọ́ gbólóhùn méjì ò jẹ́ kí n lè fi ránṣẹ́.

Èkíní ni èyí tó sọ ohun tó jẹ́ àṣírí. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ìwífún Àṣírí ni gbogbo ìwífún tí Olùfihàn sọ fún Olùgbà nípa Iṣẹ́ náà, bíi àwòrán iṣẹ́, ìlànà àpòpọ̀, orúkọ oníbàárà àti iye owó."

Èkejì ni ti àkókò: "Àdéhùn yìí yóò wà fún ọdún méjì. Olùgbà yóò pa ìwífún náà mọ́ fún ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ ìfihàn."

Mo ti yí àwọn nǹkan inú rẹ̀ padà kí n tó gbé e síbí, kò sí ọ̀rọ̀ oníbàárà mi kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé, ó bi mí pé, "Ṣé ọdún méjì ni àbí mẹ́ta?" Mi ò rí èsì kan gbòógì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Káláàmù

Má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú jù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ní abala kan lẹ́yìn tó sọ pé bí èdè méjèèjì bá takora, ti Gẹ̀ẹ́sì ni a ó tẹ̀lé. Kóòtù kò ní wo Yorùbá rẹ rárá. Kó ṣáà yé wọn, ó tó. Gbólóhùn rẹ yé èmi.

Ìyá Ògbufọ̀

Káláàmù, ọ̀rọ̀ rẹ ní ibi tó dé, àmọ́ kò dé ilé. Bí abala yẹn bá wà, lóòótọ́ ni adájọ́ yóò tẹ̀ lé e. Mo ti túmọ̀ èyí tó ní kí èdè méjèèjì lágbára bákan náà, mo sì ti túmọ̀ èyí tí kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nítorí náà, àbúrò mi, kọ́kọ́ lọ wo ìwé tìrẹ. Àmọ́ bó tilẹ̀ wà níbẹ̀, ìjà tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń parí. Ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé yóò máa fi ohun tó kà ní Yorùbá ṣe ìwà hù lójoojúmọ́. Bí Yorùbá bá jẹ́ kó gbà pé ọdún méjì ni, tó sì la ẹnu lẹ́yìn ọdún méjì àtààbọ̀, abala tó gbé Gẹ̀ẹ́sì lékè kò lè dá ọ̀rọ̀ tó ti jáde padà sí ọ̀fun.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn àkọ́kọ́. Nǹkan mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀.

O lo "sọ fún". Ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà máa lò níbẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu lọ: ó kó ohun tí a kọ, ohun tí a yà, ohun tí a fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, àti ohun tí a kàn jẹ́ kí ẹni náà wọlé wá fojú rí. Bí Olùfihàn bá gbé àwòrán kalẹ̀ lórí tábìlì láìla ẹnu, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá tìrẹ, kò tíì "sọ" nǹkan kan. O ti bá wọn dín àṣírí náà kù láìmọ̀.

Èkejì fara sin, òun sì ló máa ń mú àwa tí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ lára. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé òfin, bí wọ́n ṣe kọ gbólóhùn yẹn kò so mọ́ ìgbà kan: ó lè jẹ́ èyí tó ti kọjá, ó lè jẹ́ èyí tó ń bọ̀. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní "owó tí Adé fún mi", ta ni yóò rò pé owó ọ̀la ni mò ń wí? Ó ti fún mi tán nìyẹn. Àmọ́ "owó tí Adé bá fún mi" ti di èyí tí n kò tíì gbà. Nítorí náà, "ìwífún tí Olùfihàn sọ", létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ni èyí tó ti sọ kí wọ́n tó jókòó síbi àdéhùn. Ohun tí wọ́n máa fi hàn án lóṣù tó ń bọ̀, tó jẹ́ pé torí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé, ti bọ́ síta. Bí o bá sì lo "bá" nìkan, èyí tó ti kọjá ló máa bọ́ síta. O ní láti mọ èwo ni wọ́n ní lọ́kàn: èyí tó ti kọjá, èyí tó ń bọ̀, tàbí méjèèjì. Wá a nínú ìwé náà, ó máa ń wà ní abala míì. Bí kò bá sí, bi wọ́n. Má ṣe yàn án fún wọn.

Ẹ̀kẹta ni "bíi". Ohun tó jọ nǹkan la fi ń pè ní bíi rẹ̀. Olùkà lè ní ìwé ìṣirò èrè ò jọ àwòrán, kò jọ orúkọ oníbàárà, torí náà kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé àwọn tí a dárúkọ wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àwọn nìkan. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: "wà lára rẹ̀, àmọ́ kò mọ sórí ìwọ̀nyí nìkan". Má sì gbìyànjú "èyíinì ni" láé. Ìyẹn ti ti ilẹ̀kùn pa.

ỌmọAtẹ̀wé

Mi ò kì í ṣe ògbufọ̀, títẹ̀wé àti títo ojú ìwé ni iṣẹ́ mi, àmọ́ ohun tí Ìyá sọ nípa "sọ" yìí ṣojú mi. Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún wa tẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ "kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni". Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ mú àwòrán apá kan ẹ̀rọ lọ sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wò ó, ó yà á sínú ìwé tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pe ọmọ náà, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé, "Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ó kàn wò ó ni." Ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn á mọ̀ pé kò purọ́. Ó ti ka ìwé náà, ó sì rò pé òun pa á mọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ká tún un tẹ̀: "kò gbọdọ̀ sọ ọ́, kọ ọ́, yà á, fi í hàn, fi í ránṣẹ́, tàbí fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́". Ìyẹn ni mo rò pé ó dára jù, kí a ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ìyá Ògbufọ̀

Ó dùn mí fún ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan péré ló jẹ ẹ́ níyà.

Àmọ́ lórí àtòkọ yẹn, èmi ò fara mọ́ ọn tán. Bí a bá ka ìṣe mẹ́fà, ẹnì kan yóò rí ìkeje. Bí ó bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá fi fóònù sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ẹlòmíràn lè kà á ńkọ́? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ ṣíwájú, kí àpẹẹrẹ tẹ̀ lé e: "kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Ìwífún Àṣírí tẹ ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́nà èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé, àwòrán tàbí ẹ̀rọ." Ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ bá ka ìṣe mẹ́fà ní tirẹ̀, mẹ́fà náà ni o máa kà. Àwa kọ́ la ni ìwé náà.

Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Irú ìwé yìí ni ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ kan fi ránṣẹ́ sí èmi náà pé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fún mi níṣẹ́. Ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé kí n gbà? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì lè máa wá béèrè ọ̀rọ̀ níbí bí mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìyá Ògbufọ̀

Ìbéèrè míì nìyẹn, Ìmọ́lẹ̀Òwúrọ̀ ọ̀wọ́n, ohun tí a ń sọ níbí ni bí a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kí n má kàn kọjá: wo bí wọ́n ṣe túmọ̀ ohun tó jẹ́ àṣírí nínú tìrẹ. Bí ó bá kó gbogbo ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọ, o kò lè gbé gbólóhùn inú rẹ̀ wá síbí, kódà bí o yọ orúkọ kúrò. O lè béèrè nípa ọ̀rọ̀ kan tàbí ìhun kan pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí ìwọ fúnra rẹ hun. Ohun tí Akọ̀wéKékeré ṣe lókè yẹn nìyẹn. Ti pé kí o gbà á tàbí kí o má gbà á, ìwọ àti agbẹjọ́rò ni.

Ògbufọ̀Kóòtù

Mo ka gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹnì kan kà á sókè kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá gbólóhùn kejì wí, nítorí ọ̀rọ̀ àkókò ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní kóòtù.

Akọ̀wéKékeré, ẹni tó bi ọ́ pé ṣé méjì ni àbí mẹ́ta kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Kíkà méjì ló wà nínú gbólóhùn rẹ, o ò sì sọ fún olùkà pé wọ́n yàtọ̀. Ọ̀kan ni iye ìgbà tí àdéhùn fi wà, ìyẹn ìgbà tí Olùfihàn lè máa fi nǹkan hàn lábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni iye ìgbà tí ohun tó ti fi hàn fi gbọdọ̀ wà ní ìpamọ́. Ẹni tó bá ka Yorùbá tìrẹ yóò rò pé nígbà tí àdéhùn bá ti kú ní ọdún méjì, ìpamọ́ inú rẹ̀ ti bá a kú. Ó dà bí ẹni ní igi wó, kí ẹyẹ orí rẹ̀ ṣì dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ sí i. Ká ní wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, 2024. Àwòrán iṣẹ́ dé ọwọ́ Olùgbà ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, 2024. Ìlànà àpòpọ̀, tó jẹ́ ọkàn gbogbo nǹkan, wọn ò fi hàn án títí di ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 2026. Àdéhùn parí ní oṣù Kẹta, 2026.

Bí "ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ ìfihàn" bá túmọ̀ sí pé ohun kọ̀ọ̀kan ní ọdún mẹ́ta tirẹ̀, àwòrán bọ́ lọ́wọ́ ìpamọ́ ní oṣù Kẹrin, 2027, ìlànà àpòpọ̀ sì wà ní ìpamọ́ di oṣù Kìíní, 2029. Bí ó bá jẹ́ ìfihàn àkọ́kọ́ la fi ka gbogbo rẹ̀, méjèèjì parí ní oṣù Kẹrin, 2027, a jẹ́ pé ìlànà àpòpọ̀ kò ní ju oṣù 14 àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Bí ẹlòmíràn bá rò pé ìpamọ́ kú pẹ̀lú àdéhùn, kò tó oṣù méjì tí ìlànà náà délẹ̀ tó fi ní òun lómìnira láti sọ ọ́. Ìwé kan náà, ìtumọ̀ mẹ́ta. Yorùbá rẹ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láyè. Ó ṣeé ṣe kí Gẹ̀ẹ́sì náà gba méjì àkọ́kọ́ láyè, nítorí náà oníbàárà lo máa bi, kì í ṣe àwa.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ jẹ́ ti èdè wa fúnra rẹ̀. Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, ó máa ń ka ibi tó dúró sí mọ́ ọn. Ẹ wo "ìjẹta". Ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín òní àti ìjẹta, nítorí a ka òní mọ́ ọn. Ẹ wo "ìdúnta": ẹni tó bá sọ ọ́ ní 2026, ọdún 2024 ló ń wí. Ọdún méjì ló padà sẹ́yìn, ẹ̀ta ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, bí ògbufọ̀ bá kọ "títí di ọdún kẹta ìfihàn", àgbàlagbà tó ń gbọ́ ọ yóò ka 2024 sí ọ̀kan, 2025 sí èjì, 2026 sí ẹ̀ta. Odidi ọdún kan ti sọnù. Bákan náà ni "ní ọgbọ̀n ọjọ́ òní" fún ìwé ìkìlọ̀: òní ti di ọjọ́ kìíní.

Ọ̀pọ̀ òfin kì í ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1182/71 sọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀. Ẹ wo òfin orílẹ̀-èdè tí ìwé náà ní òun wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi ìhun tí kò ní iyàn kọ ọ́. Èmi kì í lo ọ̀rọ̀ oníkà bíi "kẹta" fún iye ìgbà. "Ọdún mẹ́ta pé géérégé lẹ́yìn ọjọ́ tí..." ni mo máa ń lò. "Pé" ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún tó pé kò lè jẹ́ méjì àti díẹ̀.

Káláàmù

Mo gbà lórí ìdúnta yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ṣebí ọ̀nà tó rọrùn wà? Ẹ kọ ọjọ́ ìparí gan-an síbẹ̀: "títí di ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, 2029". Kò sí ẹni tó máa jiyàn mọ́.

Ògbufọ̀Kóòtù

Káláàmù, fún ìgbà tí àdéhùn fi wà, bẹ́ẹ̀ ni, bí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé, tí oníbàárà sì ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìpamọ́, kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n máa fi ohun kọ̀ọ̀kan hàn kò tíì dé nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé. Ọjọ́ kan náà tí o bá kọ fún gbogbo rẹ̀ yóò fi kún ti àwòrán, kò sì ní bá ti ìlànà àpòpọ̀ mu. Wo ọjọ́ tí o kọ yẹn: o ti ka ọdún mẹ́ta láti ìparí àdéhùn, ìwé náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Ìtumọ̀ kẹrin lo mú wá.

"Títí di ọjọ́ báyìí" náà ń fẹ́ àfikún. Ṣé ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀ ni àbí ó ti jáde? Kọ "títí ọjọ́ náà yóò fi parí", kí a má bàa jà lórí wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Akọ̀wéKékeré

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ ìbéèrè sí oníbàárà: ṣé ìfihàn kọ̀ọ̀kan ni àbí ti àkọ́kọ́, àti bóyá ohun tí wọ́n ti fi hàn ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta tí Ògbufọ̀Kóòtù kọ yẹn ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, kí wọ́n lè rí ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo padà síbẹ̀, mo rí òmíràn. Ìwé náà sọ ohun tí kì í ṣe àṣírí. Mo kọ ọ̀kan nínú wọn báyìí: "ìwífún tí gbogbo ayé ti mọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí pé Olùgbà rú àdéhùn". Ṣé ó dáa?

Ìyá Ògbufọ̀

Apá tó kẹ́yìn dáa, o ò jẹ́ kí Olùgbà tú àṣírí tán kó wá sọ pé kì í ṣe àṣírí mọ́. Àmọ́ "gbogbo ayé ti mọ̀" pọ̀ jù. Kò sí ìlànà àpòpọ̀ kan tí gbogbo ayé mọ̀. Bí a bá gbà á bó ṣe wà, kò sí nǹkan kan tí yóò jáde kúrò nínú àṣírí láé, Olùgbà yóò sì máa pa ohun tó wà nínú ìwé ìwádìí tí ẹnikẹ́ni lè rà mọ́. Lápá àkọ́kọ́ o dín àṣírí kù. Níbí, o fẹ̀ ẹ́. Wo bó ṣe rọrùn: bí o bá fún ohun tí a yọ sílẹ̀ mọ́ra, ohun tí a tì pa ló ń gbòòrò.

Wíwà ní gbangba ni ìwé ń wí, kì í ṣe pé ẹni gbogbo mọ̀ ọ́n. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, abala 39, kò wo gbogbo ayé rárá. Ohun tó ń wò ni bóyá àwọn tó wà nínú irú iṣẹ́ yẹn mọ̀ ọ́n káàkiri, tàbí bóyá ọwọ́ wọn lè tètè tó o. Nítorí náà: "ìwífún tó wà ní gbangba, tàbí tó bá di ohun tó wà ní gbangba lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé Olùgbà ló rú àdéhùn yìí". Rí i pé mo fi "bá" síbẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀, bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá kó o mọ́ ọn.

Ògbufọ̀Kóòtù

Mo fara mọ́ gbangba. Àmọ́ mo ní ohun kan pẹ̀lú orúkọ náà fúnra rẹ̀, "Ìwífún Àṣírí". Àṣírí lẹ́nu wa ní ìtìjú díẹ̀ nínú. A máa ń ní àṣírí ẹnì kan tú, a máa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run bo wa láṣírí. Mo ti rí ẹni tó kọ̀ láti tọwọ́ bọ̀wé nítorí ó rò pé ilé-iṣẹ́ náà ní ohun burúkú tó ń fi pamọ́. Ó tún kù: àṣírí ni ohun tí ẹni púpọ̀ kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ oníbàárà lè wà lẹ́nu òṣìṣẹ́ ogójì. Èmi máa ń kọ "Ìwífún Ìpamọ́": ohun tí a ní kí o pa mọ́ ni, yálà ẹni púpọ̀ mọ̀ ọ́n tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ògbufọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, a sì ti jọ sọ ọ́ rí. "Ìpamọ́" létí tèmi ni ohun tí a kó sí àpótí, bí owó ìpamọ́. Olùgbà lè rò pé bí òun bá ti tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun ti ṣe ojúṣe òun, kó wá máa fi ìlànà náà ṣe ọjà tirẹ̀. Àṣírí le, ó sì ń bani lẹ́rù, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò mọ̀ pé kò gbọdọ̀ jáde. Ohun tí mo dúró lé ni pé èyí tó bá yàn, kó má lò ó fún nǹkan míì nínú gbogbo ìwé náà. Lẹ́tà ńlá kò ṣeé gbọ́ létí. Bí wọ́n bá kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé, "Ìwífún Àṣírí" àti "ìwífún" lásán yóò dún bákan náà bí o bá gé e kúrú. Má gé e kúrú. Má sì fi "ó" tàbí "rẹ̀" rọ́pò Olùfihàn àti Olùgbà níbi tí àwọn méjèèjì bá ti wà nínú gbólóhùn kan. Pè wọ́n lórúkọ, kódà bí ó bá tó ìgbà márùn-ún.

ỌmọAtẹ̀wé

Ẹ bá mi fi èyí kún un: ẹ kọ iye ọdún ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀ papọ̀. Àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún ọjọ́ jọra lójú ìwé bí àmì bá bọ́ lára wọn, àmì sì máa ń bọ́ nígbà tí fáìlì bá ń ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn. Ogún ọjọ́ ló wà láàárín wọn. Kí ẹ sì tún kà á lẹ́yìn tí a bá ti to ojú ìwé tán, kó má jẹ́ ṣáájú nìkan.

Akọ̀wéKékeré

Oníbàárà ti dáhùn. Ìfihàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n tilẹ̀ ní àwọn máa tún Gẹ̀ẹ́sì náà kọ nítorí agbẹjọ́rò wọn kò rí i pé ó lè jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ti fi hàn ṣáájú náà wà nínú rẹ̀. Abala tó gbé Gẹ̀ẹ́sì lékè wà nínú ìwé lóòótọ́, Káláàmù. Ohun tí mo ní báyìí rèé:

"Ìwífún Àṣírí ni gbogbo ìwífún nípa Iṣẹ́ náà tí Olùfihàn ti jẹ́ kí ó tẹ Olùgbà lọ́wọ́ ṣáájú Ọjọ́ Ìbẹ̀rẹ̀, tàbí tí Olùfihàn bá jẹ́ kí ó tẹ Olùgbà lọ́wọ́ nígbà tí àdéhùn yìí ṣì wà, ìbáà jẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé, àwòrán, ẹ̀rọ, tàbí kí Olùgbà fojú ara rẹ̀ rí i. Àwòrán iṣẹ́, ìlànà àpòpọ̀, orúkọ oníbàárà àti iye owó wà lára Ìwífún Àṣírí, àmọ́ Ìwífún Àṣírí kò mọ sórí ìwọ̀nyí nìkan."

"Àdéhùn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì parí nígbà tí ọdún 2 (méjì) bá pé géérégé lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ní ti Ìwífún Àṣírí kọ̀ọ̀kan, Olùgbà gbọdọ̀ pa á mọ́ títí ọdún 3 (mẹ́ta) yóò fi pé géérégé lẹ́yìn ọjọ́ tí ó tẹ Olùgbà lọ́wọ́, bí àdéhùn yìí tilẹ̀ ti parí ṣáájú ìgbà náà. Ọjọ́ tí ó tẹ Olùgbà lọ́wọ́ kò sí nínú kíkà."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí n fi kún un, wọ́n sì máa fi sí Gẹ̀ẹ́sì náà. Mo tún pa "yóò" tì, mo fi "gbọdọ̀" sí i.

Mo kà á sókè fún ẹni tó bi mí lọ́jọ́sí. Ó ní, "Nítorí náà, bí wọ́n bá fi nǹkan hàn mí lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí àdéhùn parí, mo ṣì máa pa á mọ́ fún ọdún mẹ́ta." Ohun tí mo fẹ́ kó gbọ́ gan-an nìyẹn. Àṣírí ni mo fi sílẹ̀ fún báyìí, Ògbufọ̀Kóòtù, nítorí "Àṣírí" ni wọ́n ti lò nínú ìwé méjì tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ògbufọ̀Kóòtù

Ó dáa. Bí wọ́n bá ti lò ó tẹ́lẹ̀, kí ó dúró bẹ́ẹ̀, orúkọ méjì fún ohun kan ló burú jù. Ohun kan tí mo fẹ́ kí o tún wò: "tí ó tẹ Olùgbà lọ́wọ́" ní apá ti ọdún mẹ́ta. Bí ìwífún bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ṣáájú Ọjọ́ Ìbẹ̀rẹ̀, ṣé láti ọjọ́ yẹn ni ọdún mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àbí láti Ọjọ́ Ìbẹ̀rẹ̀? Bí wọ́n ti fi àwòrán kan hàn án ní ọdún méjì ṣáájú, ọdún kan péré ló kù fún un nínú èyí tí o kọ yìí.

Akọ̀wéKékeré

Mi ò rí ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì sọ ọ́. Mo ń kọ lẹ́tà míì sí wọn báyìí.